Èsì Báǹkì àti Ìwé Lẹ́jà: Níbo ni Ìyàtọ̀ ti Wá?

Nígbà tí ọdún ìṣirò ilé-iṣẹ́ kan bá parí, ìwé méjì ni ó máa ń sọ iye owó tí ilé-iṣẹ́ náà ní sí báǹkì. Èkíní ni lẹ́jà, èyí tí akọ̀wé owó ilé-iṣẹ́ ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Èkejì ni ìwé tí báǹkì fúnra rẹ̀ ń kọ. Ó ṣọ̀wọ́n kí àwọn méjèèjì sọ iye kan náà ní ọjọ́ kan náà, kò sì yẹ kí èyí já ẹnikẹ́ni láyà. Ìyàtọ̀ tí ó yẹ kí ó jáni láyà ni èyí tí kò sí ẹni tí ó lè sọ ibi tí ó ti wá. Àwọn ará ọjà máa ń pe ayẹ̀wé-owó-wò ní ọ́dítọ̀, orúkọ náà ni a ó sì máa lò níhìn-ín. Iṣẹ́ ọ́dítọ̀ kò parí nígbà tí ó bá ti rí i pé iye méjì kò dọ́gba; ìgbà náà gan-an ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Lẹ́jà jẹ́ ẹjọ́ ẹnìkan. Bí akọ̀wé owó bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà wà ní báǹkì, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni, ọwọ́ rẹ̀ ni ó sì fi kọ ọ́. Ìdí nìyí tí ọ́dítọ̀ fi máa ń kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí sí báǹkì pé kí wọ́n sọ ohun tí ó wà lọ́dọ̀ wọn ní ọjọ́ tí ọdún ìṣirò parí.

Ọ̀nà tí lẹ́tà yìí ń gbà lọ, tí èsì rẹ̀ sì ń gbà bọ̀, ni ó fún un ní agbára. Báǹkì kò gbọdọ̀ tú àṣírí oníbàárà rẹ̀ fún ẹni ẹlẹ́ni, nítorí náà àwọn tí wọ́n láṣẹ láti fọwọ́ sí ìwé lórí àkáǹtì ilé-iṣẹ́ náà ni yóò kọ́kọ́ fọwọ́ sí i pé kí báǹkì dá ọ́dítọ̀ lóhùn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i tán, ọwọ́ wọn gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀. Ọ́dítọ̀ ni yóò mú lẹ́tà náà lọ tàbí tí yóò fi í ránṣẹ́, àdírẹ́sì tí òun fúnra rẹ̀ sì wádìí ni yóò lò, kì í ṣe èyí tí akọ̀wé owó kọ fún un sórí bébà. Èsì náà gbọdọ̀ ti ọ̀dọ̀ báǹkì bọ́ sí ọ́fíìsì ọ́dítọ̀ tààrà, ìbáà jẹ́ nínú àpòòwé tí a lẹ̀ pa, ìbáà sì jẹ́ lórí ẹ̀rọ ayélujára tí báǹkì àti ọ́dítọ̀ jọ ń lò. Bí èsì bá gba orí tábìlì akápò kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ọ́dítọ̀, kò yàtọ̀ sí lẹ́jà mọ́: ó ti di ẹjọ́ ẹnìkan.

Kí a tó fi iye kankan wé iye kankan, ó yẹ kí a ka èsì náà dáadáa. A ó wò ó bóyá orúkọ tí ó wà lára rẹ̀ ni orúkọ ilé-iṣẹ́ náà gan-an, bóyá nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ pé oókan mẹ́wàá gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní Nàìjíríà, àti bóyá ọjọ́ tí a béèrè ni ó ń jẹ́rìí sí, kì í ṣe ọjọ́ tí akọ̀wé báǹkì jókòó láti kọ ọ́. Lẹ́yìn èyí ni a ó wo àwọn ààyè tí ó ṣófo. Bí a bá béèrè bóyá ilé-iṣẹ́ jẹ báǹkì ní gbèsè, tí báǹkì kọ “kò sí”, ìdáhùn ni. Bí báǹkì kò bá kọ ohunkóhun síbẹ̀, kò ì tíì dáhùn nìyẹn. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n máa ń ka ààyè òfìfo sí “kò sí”, báyìí sì ni gbèsè ńlá ṣe ń sá pamọ́ sábẹ́ bébà funfun.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Ká ní ilé-iṣẹ́ kékeré kan wà ní Ailegun, ní agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkó, tí ó ń ṣe omi inú ọ̀rá. Àpẹẹrẹ lásán ni. Kò sí ilé-iṣẹ́ kan pàtó tí a ń bá wí. Àwọn alágbàtà ń fi ọkọ̀ kó omi lọ, wọ́n ń san owó lọ́wọ́ tàbí kí wọ́n fi ránṣẹ́ láti orí fóònù, akápò ilé-iṣẹ́ sì ń kó owó ọwọ́ lọ sí báǹkì. Ọdún ìṣirò wọn parí ní ọjọ́ 31 Oṣù Kejìlá, ọdún 2023. Lẹ́jà sọ pé ₦6,482,350 ni ó wà nínú àkáǹtì ní ọjọ́ náà. Èsì báǹkì dé, ó ní ₦6,500,000 ni.

Ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì kò ju ₦17,650 lọ. Akápò rẹ́rìn-ín. Ó ní owó náà kò tó nǹkan, báǹkì tilẹ̀ ni ó ní owó lọ́wọ́ ju èyí tí lẹ́jà sọ lọ, kí ni ọ́dítọ̀ tún ń wá? Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, ọ̀pọ̀ ọ́dítọ̀ tí iṣẹ́ ti wọ̀ lọ́rùn ni yóò sì gbà á, tí yóò kọ “ìyàtọ̀ kékeré, a fi sílẹ̀” sínú ìwé rẹ̀. Níbí ni àṣìṣe ńlá wà. Iye kékeré tí ó ṣẹ́ kù kì í ṣe ìyàtọ̀ kan ṣoṣo. Ó lè jẹ́ ohun tí ó kù lẹ́yìn tí àwọn ìyàtọ̀ ńláńlá ti bá ara wọn jà tán. Bí ìyàtọ̀ kan bá fa iye sókè, tí òmíràn sì fà á wálẹ̀, àwọn méjèèjì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ara wọn rẹ́ lójú ẹni tí kò tú wọn. Nítorí náà, kí ọ́dítọ̀ tó sọ pé ìyàtọ̀ kan kéré, ó gbọdọ̀ tú u sí wẹ́wẹ́.

Láti tú u, ọ́dítọ̀ yóò jókòó ti sítétímẹ́ǹtì báǹkì ti Oṣù Kejìlá àti ojú ìwé lẹ́jà ti oṣù kan náà, yóò sì máa fi ìlà kan pa ìlà kan, bí ẹni tí ń ṣa ẹ̀wà. Ìlà tí ó bá wà nínú ìwé méjèèjì, yóò fagi lé e. Èyí tí ó bá wà nínú ọ̀kan tí kò sí nínú èkejì ni yóò ṣẹ́ kù, àwọn tí ó ṣẹ́ kù yìí ni ọ̀rọ̀ kàn. Ó yẹ kí ó tún gba sítétímẹ́ǹtì ti oṣù tí ó tẹ̀ lé e, Oṣù Kìíní ọdún 2024, láti ọwọ́ báǹkì fúnra rẹ̀, nítorí pé inú rẹ̀ ni a ti máa ń mọ ìlà tí ó ṣẹ́ kù nítòótọ́ àti èyí tí a kàn fi dí ihò.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó ṣẹ́ kù ni sọ̀wédowó méjì tí lẹ́jà ti yọ kúrò ṣùgbọ́n tí báǹkì kò ì tíì san. Ọ̀kan jẹ́ ₦1,240,000, tí a kọ fún oníṣòwò ọ̀rá ní ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 28 Oṣù Kejìlá. Ọjọ́ 31 bọ́ sí ọjọ́ Àìkú ní ọdún yẹn, ọjọ́ kejì rẹ̀ sì jẹ́ ìsinmi ọdún tuntun, nítorí náà ọjọ́ kejì Oṣù Kìíní ni oníṣòwò náà tó mú un lọ sí báǹkì tirẹ̀. Sítétímẹ́ǹtì Oṣù Kìíní fi hàn pé owó náà jáde ní ọjọ́ kẹta. Ọ̀rọ̀ parí lórí èyí: ọjọ́ rẹ̀ bá ara mu, iye rẹ̀ pé, orúkọ ẹni tí ó gbà á sì ni èyí tí ó wà nínú lẹ́jà.

Sọ̀wédowó kejì jẹ́ ₦385,000, tí a kọ fún oníṣòwò dísù ní Oṣù Karùn-ún. Sọ̀wédowó kì í lò ju oṣù mẹ́fà lọ ní Nàìjíríà. Lẹ́yìn ìyẹn, báǹkì yóò kọ̀ ọ́. Èyí túmọ̀ sí pé ìwé náà ti kú láti Oṣù Kọkànlá, kò sì yẹ kí ó tún máa jókòó nínú àkójọ àwọn sọ̀wédowó tí a ń retí. Ṣùgbọ́n ọ́dítọ̀ kò ní fi mọ síbẹ̀. Báwo ni oníṣòwò dísù ṣe máa dákẹ́ lórí owó rẹ̀ fún oṣù méje? Ó lè jẹ́ pé sọ̀wédowó sọnù, tí a sì ti fi owó ránṣẹ́ sí i láti orí fóònù, tí akọ̀wé sì kọ owó kan náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì gẹ́gẹ́ bí ìnáwó. Ó sì lè jẹ́ pé kò gba owó rárá, ilé-iṣẹ́ ṣì jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ìwé ìṣirò tí oníṣòwò náà ní lọ́dọ̀ ni yóò sọ èyí tí ó jẹ́ òtítọ́, kì í ṣe ẹnu akápò. Èyí ó wù kí ó jẹ́, ₦385,000 náà yóò padà sínú lẹ́jà báǹkì.

Àwọn méjì mìíràn kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Báǹkì ti gba ₦27,350 gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀, tí akọ̀wé kò kọ sílẹ̀: owó ìtọ́jú àkáǹtì, owó orí ọjà lórí rẹ̀, àti ₦50 tí ìjọba ń gbà nígbà náà lórí owó kọ̀ọ̀kan tí ó bá wọlé láti orí ẹ̀rọ tí ó sì tó ₦10,000. Èyí rọrùn láti yẹ̀ wò: bí a bá ka irú owó bẹ́ẹ̀ tí ó wọlé sínú oṣù, tí a sì fi 50 sọ ọ́ di púpọ̀, iye tí a rí gbọdọ̀ bá ti báǹkì dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ náà ni alágbàtà kan fi ₦130,000 ránṣẹ́ láìkọ orúkọ tí ó yé akọ̀wé, akọ̀wé sì fi í sílẹ̀ láìkọ. Yóò wọ lẹ́jà gẹ́gẹ́ bí owó tí ilé-iṣẹ́ ń bá ẹlòmíràn tọ́jú, títí a ó fi mọ ẹni tí ó san án.

Ohun tí ó kù ni owó tí lẹ́jà sọ pé a ti kó lọ sí báǹkì, tí báǹkì kò tíì rí. Nínú ìwé ìbádọ́gba tí akápò ṣe, ó kọ ₦1,710,000 síbẹ̀ ní ìlà kan ṣoṣo, ó pè é ní “owó tí ó wà lójú ọ̀nà”. Ọ́dítọ̀ ní kí ó pín in. Ó wá hàn pé ọjà tí a tà ní ọjọ́ 30 àti 31 ni ₦460,000 nínú rẹ̀, tí báǹkì sì gba owó náà wọlé ní ọjọ́ kejì Oṣù Kìíní, ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn. Kò sí àríyànjiyàn lórí èyí. Ṣùgbọ́n ₦1,250,000 tí ó kù, lẹ́jà sọ pé a kó o lọ ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 22 Oṣù Kejìlá.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ síbí, nítorí pé gbólóhùn “ó wà lójú ọ̀nà” jẹ́ gbólóhùn tí ó ní òdiwọ̀n. Láti Ailegun dé ẹ̀ka báǹkì ní Ìsọlọ̀ tàbí Èjìgbò, ìrìn wákàtí kan kọ́ ni, bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ tilẹ̀ pọ̀ tó. Owó ọwọ́ tí a bá kà fún akọ̀wé báǹkì, ọjọ́ náà ni ó ń wọ àkáǹtì. Sọ̀wédowó báǹkì mìíràn pàápàá kì í ju ọjọ́ iṣẹ́ kan lọ kí owó rẹ̀ tó wọlé láti ìgbà tí a ti sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2012. Lẹ́yìn ọjọ́ 22 náà, kódà bí a bá yọ ìsinmi Kérésìmesì àti ọjọ́ kejì rẹ̀ kúrò, báǹkì ṣì ṣílẹ̀kùn fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko kí ọdún tó parí. Owó wo ni ó ń fi ọjọ́ mẹ́ta rin ìrìn wákàtí kan?

Nígbà tí a bi akápò, ó mú sítétímẹ́ǹtì Oṣù Kìíní wá, ó fi ìka tọ́ka sí ọjọ́ 16: ₦1,250,000 wọlé, ó pé pérépéré. Ó ní báǹkì ni ó pẹ́. Ọ̀dọ̀ọ́ ọ́dítọ̀ tí ó bá ti kẹ́kọ̀ọ́ pé kí òun máa wo oṣù kejì láti mọ̀ bóyá owó wọlé yóò fagi lé e, yóò sì máa lọ. Owó kúkú wọlé. Ṣùgbọ́n pé iye kan náà wọlé kò fi hàn pé owó kan náà ni.

Ìwé tí ó mọ òtítọ́ ni tẹ́là, bébà pélébé tí a ń kọ nígbà tí a bá ń san owó sí báǹkì, tí báǹkì sì ń lu òǹtẹ̀ lé. Bí a bá san owó náà ní ọjọ́ 22 Oṣù Kejìlá, òǹtẹ̀ ọjọ́ náà ni yóò wà lórí rẹ̀. Òǹtẹ̀ ọjọ́ 16 Oṣù Kìíní ni a rí. Ìbéèrè kejì tẹ̀ lé e: níbo ni akápò ti rí owó tí ó san ní ọjọ́ 16? Ọ́dítọ̀ kó ìwé rìsíìtì Oṣù Kìíní sílẹ̀. Ó rí i pé àwọn alágbàtà mẹ́rin san owó lọ́wọ́ láàárín ọjọ́ 11 sí ọjọ́ 15, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ₦1,250,000. Nínú lẹ́jà, owó àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò hàn títí di ọjọ́ 24. Owó Oṣù Kìíní ni a fi dí ihò Oṣù Kejìlá. Nígbà tí ó bá di ọjọ́ 24, owó àwọn ẹlòmíràn ni a ó fi dí ihò ti àwọn mẹ́rin yìí. Ihò náà kò kúrò nílẹ̀, ó kàn ń ṣípò ni, bí ẹni tí ó ń fi aṣọ kan ṣoṣo bo ẹsẹ̀ tí orí sì ń yọ.

Bí a bá wá to gbogbo rẹ̀ jọ, àṣírí ₦17,650 tú. Sọ̀wédowó méjì tí a kò tíì san àti owó alágbàtà tí a kò kọ mú kí iye báǹkì ga ju ti lẹ́jà lọ pẹ̀lú ₦1,755,000. Owó ìparí ọdún, owó iṣẹ́ báǹkì, àti ₦1,250,000 tí kò sí níbẹ̀ mú kí ó rẹlẹ̀ pẹ̀lú ₦1,737,350. Èyí tí ó yọ sókè ni ₦17,650 tí akápò fi ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó bá wo àbájáde nìkan yóò rí owó tí kò tó ra dísù inú ẹ̀rọ. Ẹni tí ó bá tú u yóò rí owó tí ó lé ní mílíọ̀nù kan náírà tí kò sí ní báǹkì ní ọjọ́ tí ọdún parí.

Ó yẹ kí a ṣọ́ra fún ohun tí èyí sọ àti ohun tí kò sọ. Àwọn ìwé wọ̀nyí fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé owó kò sí ní báǹkì ní ọjọ́ 31, àti pé lẹ́jà kò sọ òtítọ́ nípa ọjọ́ 22. Wọn kò sọ ẹni tí ó ná an, tàbí bóyá ọ̀gá ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni ó ní kí akápò yá òun. Ọ̀rọ̀ Yorùbá mẹ́ta ni ènìyàn kò gbọdọ̀ dà pọ̀ níbí: ìyàtọ̀, àṣìṣe, àti olè. Ìyàtọ̀ ni ojú rí. Àṣìṣe ni ìwé ń fi hàn. Ẹ̀kẹta, àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ ọn ni yóò pè é bẹ́ẹ̀. Ọ́dítọ̀ yóò yọ ₦1,250,000 kúrò nínú owó báǹkì, yóò sì fi ọ̀rọ̀ náà tó àwọn olórí ilé-iṣẹ́ létí ní kíkọ, kì í ṣe akápò nìkan.

Apá kan tún wà nínú èsì báǹkì tí kò ní ìyàtọ̀ kankan, síbẹ̀ tí ó yẹ ní kíkà ju àwọn tí ó ní lọ. Ká ní ilé-iṣẹ́ Ailegun yìí tún fi ₦2,000,000 pamọ́ fún àkókò kan pàtó, tí lẹ́jà àti èsì báǹkì sì bá ara mu dé orí kọ́bọ̀. Nísàlẹ̀ èsì náà, báǹkì kọ ọ́ pé a ti fi owó náà dógò fún gbèsè tí ẹlòmíràn jẹ. Owó wà, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ kò lè ná an. Ẹni tí ó bá ti fagi lé e nítorí pé iye dọ́gba kò ní ka ìlà yẹn.

Àìsí ìyàtọ̀ rárá lè burú ju èyí lọ. Ní ọjọ́ 18 Oṣù Kejìlá, ọdún 2023, àjọ tí ń ṣàkóso ọjà ìpín-ìdókòwò ní Amẹ́ríkà gbé Dozy Mmobuosi àti ilé-iṣẹ́ mẹ́ta tí ó jẹ́ ọ̀gá wọn lọ sí ilé-ẹjọ́ ní New York. Ọ̀kan nínú wọn ni Tingo Group, tí ìpín rẹ̀ wà lórí ọjà Nasdaq. Ilé-iṣẹ́ yìí ti sọ nínú ìròyìn owó rẹ̀ fún ọdún 2022 pé $461.7 mílíọ̀nù ni ó wà nínú àwọn àkáǹtì báǹkì tí Tingo Mobile, ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní Nàìjíríà, ní nílẹ̀ yìí. Ìwé ẹ̀sùn àjọ náà sọ pé àpapọ̀ owó tí ó wà nínú àwọn àkáǹtì náà gan-an ní òpin ọdún 2022 kò tó $50. Kì í ṣe àádọ́ta mílíọ̀nù. Àádọ́ta dọ́là, owó tí kò tó ra àpò ìrẹsì méjì. Ẹ̀sùn náà ní a ṣe ayédèrú ìwé láti fi gbé iye ńlá náà ró. Ní ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ náà dájọ́ tako Mmobuosi àti àwọn ilé-iṣẹ́ náà nígbà tí wọn kò wá jẹ́jọ́, owó tí ó ní kí wọ́n san sì lé ní $250 mílíọ̀nù.

Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ tí ó wà nínú èyí kò farasin. Ẹni tí ó bá lè ṣe ayédèrú sítétímẹ́ǹtì lè ṣe é kí ó bá lẹ́jà mu dé orí kọ́bọ̀, nítorí pé ọwọ́ kan náà ni ó kọ méjèèjì. Bí a bá jókòó láti fi ìlà pa ìlà, gbogbo rẹ̀ ni yóò pa. Ìwé tòótọ́ ni ó máa ń ní ìdọ̀tí díẹ̀ lára: sọ̀wédowó tí kò tíì jáde, owó iṣẹ́ báǹkì tí akọ̀wé gbàgbé, owó ọjọ́ Àìkú tí ó wọlé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Àkáǹtì tí ilé-iṣẹ́ ń fi ṣòwò lójoojúmọ́, tí kò sì ní ìyàtọ̀ kankan ní òpin ọdún, yẹ ní àwòtúnwò.

Ní Ítálì pàápàá, ohun tí ó wó ilé-iṣẹ́ wàrà ńlá nì, Parmalat, ní Oṣù Kejìlá ọdún 2003 ni lẹ́tà ìjẹ́rìí kan. Lẹ́tà náà sọ pé Bonlat, ọmọ Parmalat tí ó wà ní erékùṣù Cayman, ní owó tí ó tó bílíọ̀nù 3.95 Yúrò ní Bank of America. Nígbà tí báǹkì náà wá sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, ó ní kò sí irú àkáǹtì bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ òun, lẹ́tà náà kì í sì í ṣe tòun. Iye tí ó wà nínú lẹ́tà bá ìwé ilé-iṣẹ́ mu. Báǹkì ni kò bá lẹ́tà mu.

Nítorí náà, nígbà tí èsì bá dọ́gba, ibi tí ó ti wá ni ọ́dítọ̀ yóò yẹ̀ wò. Yóò wo àpòòwé àti òǹtẹ̀ rẹ̀, tàbí àdírẹ́sì tí ó ti wọlé lórí ẹ̀rọ, lẹ́tà lẹ́tà, nítorí pé lẹ́tà kan ṣoṣo tí a yí padà ti tó láti sọ ọ́ di ilé ẹlòmíràn. Yóò wo ọwọ́ àti orúkọ àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí i. Bí iye náà bá tóbi tàbí tí ohunkóhun bá ń rú u lójú, yóò pe báǹkì lórí nọ́ńbà tí ó ti ọ̀dọ̀ báǹkì fúnra rẹ̀ wá, kì í ṣe èyí tí a tẹ̀ sórí lẹ́tà. Bí ó bá sì gbà bẹ́ẹ̀, yóò dìde lọ sí ẹ̀ka náà.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, èsì kì í dé rárá. Báǹkì lè fi í jókòó fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ nítorí pé ọwọ́ tí a fi sí lẹ́tà kò bá èyí tí ó wà lọ́dọ̀ wọn mu, tàbí nítorí pé owó tí wọ́n ń gbà fún iṣẹ́ náà kò sí nínú àkáǹtì. Ọ́dítọ̀ yóò kọ lẹ́tà kejì. Bí ìdákẹ́jẹ́ bá ń bá a lọ, ó lè jókòó ti òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ nígbà tí ó bá ń ṣí ojú ewé báǹkì lórí kọ̀ǹpútà, kí òun fúnra rẹ̀ tẹ àdírẹ́sì báǹkì, kí ó sì wo iye náà kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Èyí sàn ju bébà tí a tẹ̀ wá fún un lọ, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan fún un nípa owó tí a fi dógò, tàbí àkáǹtì tí ilé-iṣẹ́ kò dárúkọ fún un. Bí àwọn olórí ilé-iṣẹ́ bá sì kọ̀ jálẹ̀ pé kí ó má ṣe kọ̀wé sí báǹkì kan, yóò béèrè ìdí rẹ̀, yóò sì wò ó bóyá ìdí náà mọ́gbọ́n wá. Bí kò bá mọ́gbọ́n wá, tí kò sì sí ọ̀nà mìíràn láti rí ẹ̀rí, yóò kọ ọ́ sínú ìròyìn rẹ̀ pé òun kò rí ẹ̀rí tí ó tó lórí owó náà, kí ẹni tí ó bá fẹ́ yá ilé-iṣẹ́ náà lówó lè kà á.